Igi Láàrin Poro: Ohun Tí Ewé Ń Fún Ilẹ̀, Ohun Tí Àdá Ń Gbà Lọ́wọ́ Àgbẹ̀

Iyanrìn ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ilẹ̀ Àpòmù. Ìlú Àpòmù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, bí wọ́n ṣe fi Ìwó àti Ẹ̀gbẹ́dá sọ irú àwọn ilẹ̀ mìíràn lórúkọ. Ilẹ̀ náà rọrùn láti ro, ọkọ́ kì í há sínú rẹ̀, àmọ́ kì í di nǹkan mú. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì kó ọ̀ràá lọ. Àgbàdo ọdún kìn-ín-ní á ṣe dáadáa, ti ọdún kejì á ṣe díẹ̀, nígbà tó bá fi máa di ọdún kẹrin, ewé ìsàlẹ̀ á ti máa pọ́n kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀.

Irú ilẹ̀ yìí ni B. T. Kang àti G. F. Wilson, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, mú ní ìparí àwọn ọdún 1970 láti fi dá àrà kan. Ká ní ilẹ̀ tó lọ́ràá ni wọ́n yàn, kò sẹ́ni tí ì bá gbà wọ́n gbọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé ilẹ̀ lè máa sinmi, kó sì máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà?

Àwọn baba wa kì í dá méjèèjì pọ̀. Wọ́n á dá oko sí ibì kan fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó di igbó, wọ́n á ṣí lọ síbòmíràn, wọ́n á sì padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Kì í ṣe pé ilẹ̀ kàn sùn ní gbogbo àkókò yẹn. Gbòǹgbò igi ń lọ sísàlẹ̀ jìnnà, ó ń fa ohun tí òjò ti kó lọ sí abẹ́ ilẹ̀ padà sókè, ewé ń jábọ́, ó ń rà, ó sì ń di ọ̀ràá. Ọgbọ́n náà kò ní àbùkù kankan bí ilẹ̀ bá pọ̀. Nígbà tí ènìyàn wá pọ̀, tí ìsinmi ọdún mẹ́wàá di mẹ́ta, tí mẹ́ta di ọ̀kan, èkan ló gba ipò igbó.

Dída igi pọ̀ mọ́ ohun jíjẹ kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó bá ti wọ oko kòkó rí, tó rí obì lókè, kòkó láàrin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà létí ọ̀nà, kókò nísàlẹ̀, ti rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá gba Òkè-Ògùn kọjá tó rí i bí wọ́n ṣe dá irúgbá àti ẹ̀mí sí láàrin oko. Ohun tó jẹ́ tuntun nínú ti Ìbàdàn ni pé igi náà kì í ṣe fún èso, kì í sì í ṣe fún pákó. Wọ́n gbìn ín kí wọ́n lè máa gé e ni. Yorùbá ń pe àlàfo tó wà láàrin ebè sí ebè ní poro. Níhìn-ín, ìlà igi ló dúró dípò ebè, poro sì fẹ̀ tó láti gba àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ sínú. Ẹ jẹ́ ká pè é ní oko oníporo.

Bó ṣe rí gan-an nìyí. Ká mú ilẹ̀ héktà kan, ìyẹn mítà 100 ní gígùn àti 100 ní fífẹ̀. Wọ́n á gbin igi ní ìlà, mítà mẹ́rin á wà láàrin ìlà kan sí èkejì. Ìlà 25 nìyẹn. Bí igi kan sí èkejì nínú ìlà bá jẹ́ ìdá mẹ́rin mítà, igi 400 á wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ á jẹ́ 10,000. Nínú mítà mẹ́rin tó wà láàrin ìlà méjì, àgbàdo tí ìlà rẹ̀ ì bá jẹ́ márùn-ún á di mẹ́rin, nítorí igi ti gba àyè ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, kó mọ̀ pé ìdá kan nínú márùn-ún àgbàdo rẹ̀ ti lọ. Igi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san gbèsè yẹn kó tó di pé à ń sọ̀rọ̀ èrè.

Igi méjì ni wọ́n lò jù. Èkíní ni lùsínà, tó wá láti Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀. Èkejì ni agúnmániyè, tí òun náà wá láti apá ibẹ̀ ṣùgbọ́n tó ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní orúkọ Yorùbá. Ìdílé ẹ̀wà ni àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá fa ọ̀dọ́ wọn tu, ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò wọn. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé inú kókó náà, iṣẹ́ wọn sì ni láti mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di oúnjẹ fún igi. Náítírójìn yìí kan náà ni ohun tí à ń rà nínú àpò ajílẹ̀ yúríà. Bí ẹ bá fi èékánná la kókó náà tí inú rẹ̀ pọ́n bí ẹran, ó ń ṣiṣẹ́. Bí inú rẹ̀ bá funfun tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Gbígbìn lùsínà ní ẹ̀tàn kan nínú. Èèpo hóró rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kàn jù ú sílẹ̀ á retí, retí, díẹ̀ ni yóò hù. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń ṣí i. Wọ́n á sọ omi náà kalẹ̀ lórí iná kó má bàa máa hó mọ́, wọ́n á da hóró sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á wá gbé e sínú omi tútù. Agúnmániyè kò nílò ìyẹn. Ó tiẹ̀ ń hù láti ara ọ̀pá tí a gé gún sílẹ̀, ohun tó mú kí ó wọ́pọ̀ létí ọgbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n fún oko oníporo, hóró rẹ̀ sàn ju ọ̀pá lọ, torí gbòǹgbò èyí tó hù láti inú hóró máa ń lọ jìnnà sísàlẹ̀, ti ọ̀pá máa ń nà sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí gbòǹgbò àgbàdo wà.

Wọ́n ń gbin igi náà pọ̀ mọ́ àgbàdo àkọ́rọ̀ ní ọdún kìn-ín-ní. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ oko ti ń bàjẹ́, nítorí ọ̀dọ́ lùsínà jọ koríko lójú alágbàṣe tí wọn kò sọ fún. Ọkọ́ rẹ̀ á gbé e lọ. Ibi tí ìlà bá ti já, ibẹ̀ kò ní mú ewé wá títí láé àyàfi tí wọ́n bá tún un gbìn kí àwọn tó kù tó bò ó. Ní nǹkan bí ọdún kan, igi á ti ga ju ènìyàn lọ. Ìgbà yẹn ni àdá á kọ́kọ́ kàn án.

Kí òjò tó dúró dáadáa, wọ́n á gé gbogbo ìlà náà sílẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún tàbí ìbàdí. Wọ́n á tẹ́ ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sínú poro, wọ́n á kó igi tó nípọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìdáná tàbí ọ̀pá tí iṣu máa gùn. Wọ́n á gbin àgbàdo sínú ewé náà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, igi á ti tún rú, òjìji rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí bo àgbàdo, wọ́n á tún gé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe é títí di ìgbà ìkórè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó hù bó ṣe fẹ́, kí òjìji rẹ̀ lè pa koríko.

Ewé lùsínà àti ti agúnmániyè kì í pẹ́ kó tó rà. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wọlẹ̀. Àǹfààní ni, ewu sì ni. Bí wọ́n bá gé e ní oṣù kan ṣáájú kí wọ́n tó gbin àgbàdo, òjò á ti fọ náítírójìn náà lọ kí àgbàdo tó ní gbòǹgbò tó lè jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó gé e, àgbàdo á ti pọ́n sínú òjìji. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gé igi náà ṣe pàtàkì tó iye ewé tí wọ́n rí gé. Ohun mìíràn wà tí ewé náà kò lè ṣe: igi kò lè dá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Èyí tó wà nínú ilẹ̀ ló lè fà sókè. Ilẹ̀ tí kò bá ní in rárá, igi kò ní rí i fún un, àfi kí olóko ra ajílẹ̀ rẹ̀.

Lórí ilẹ̀ Àpòmù tí wọ́n ti ń dá àrà yìí ní Ìbàdàn, gígé márùn-ún lọ́dún ń mú ewé àti ẹ̀ka tútù tó tọ́ọ̀nù 15 sí 20 wá lórí héktà kan. Náítírójìn inú rẹ̀ ju kílò 160 lọ. Ká fi wé ohun tí àgbẹ̀ mọ̀: àpò yúríà kan tó jẹ́ kílò 50 ní náítírójìn kílò 23 nínú. Ewé yẹn dà bí àpò yúríà méje. Ṣùgbọ́n kí inú ẹnikẹ́ni má tíì dùn jù, nítorí ìdá díẹ̀ nínú náítírójìn ewé ni àgbàdo ọdún yẹn ń rí jẹ. Ìyókù ń bá afẹ́fẹ́ lọ, tàbí omi, tàbí ó ń wọ inú ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ láti di ọ̀ràá tó ń pẹ́. Apá ìkẹyìn yìí ni yúríà kì í fún ilẹ̀. Ewé tó bo ilẹ̀ ń jẹ́ kó tutù, kòlò ń pọ̀ sí i, òjò kì í sì í gbá òkè ilẹ̀ lọ. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ìlà igi bá dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó ń dá ọ̀gbàrá dúró bí ògiri kékeré.

Àbájáde àgbàdo náà ló mú kí ìròyìn oko oníporo tàn kárí Áfíríkà. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ewé sílẹ̀ tí wọn kò lo ajílẹ̀ òyìnbó rárá, àgbàdo dúró sí nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì lórí héktà kan ní ọ̀pọ̀ ọdún láàrin 1979 sí 1983. Níbi tí wọn kò ti tẹ́ ewé, ó já wálẹ̀ títí tí kò fi tó ìdajì tọ́ọ̀nù ní ọdún 1983.

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo oko kejì yẹn dáadáa. Kì í ṣe oko tí kò ní igi. Igi wà níbẹ̀, ìlà rẹ̀ pé, gbòǹgbò rẹ̀ ń jẹ ilẹ̀. Ewé rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gé tí wọ́n ń kó jáde kúrò lóko. Igi ń gbà, kò sì san padà. Oko tó burú jù ni wọ́n fi wé èyí tó dára jù, èrè tó sì hàn láàrin àwọn méjèèjì tóbi ju èyí tí àgbẹ̀ tó ní oko lásán máa rí lọ. Àwọn onímọ̀ kò fi í pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ròyìn iṣẹ́ náà ni kò kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú oko kejì yẹn fún ẹni tó ní ewúrẹ́. Ewé lùsínà àti agúnmániyè jẹ́ oúnjẹ ẹran tó dára, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ẹran ọ̀sìn, tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn nígbà náà, gbé ọgbọ́n yìí lọ fún àwọn àgbẹ̀ ní Òwu-Ilé àti Ìwó-Atẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1980. Ẹni tó bá gé gbogbo ewé fún ẹran, tí kò kó ìgbẹ́ ẹran padà sóko, ti sọ oko rẹ̀ di oko kejì yẹn. Lùsínà tún ní májèlé kan nínú: bí òun nìkan bá di oúnjẹ ẹran, irun ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í re. Kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ wọn lọ.

Owó wá ńkọ́? Ibi tí àdá ti ń jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyí. Ìlà 25 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 100 jẹ́ mítà 2,500. Ẹni tó bá gé e lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́dún ti gé ìlà igi tó gùn tó kìlómítà méjìlá àti ààbọ̀, lórí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní alágbàṣe kan ń gé mítà 250 lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ni gígé kan á gbà, gbogbo ọdún á gba 50 ọjọ́. Ẹ jẹ́ ká tún ní oko lásán tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá ń mú àpò àgbàdo mẹ́wàá tó jẹ́ kílò 100 wá, tí oko oníporo sì ń mú 20 wá. Àpò mẹ́wàá lérè, 50 ọjọ́ lówó iṣẹ́. Bí owó tí wọ́n ta àpò àgbàdo kan kò bá lè san owó alágbàṣe fún ọjọ́ márùn-ún, olóko ń gbé igi ẹlòmíràn ni. Kí olúkúlùkù fi iye tó wà lọ́jà rẹ̀ sí i. Igi ìdáná àti ọ̀pá iṣu lè dín ìnáwó náà kù níbi tí wọ́n ti ń rà wọ́n. Níbi tí igbó ṣì wà nítòsí, kò sẹ́ni tó ń ra ọ̀pá.

Kì í ṣe iye ọjọ́ náà nìkan ló ń dun àgbẹ̀, bí kò ṣe ìgbà tó bọ́ sí. Gígé àkọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé ń gbin àgbàdo. Èkejì bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ń roko. Ẹni tó bá sún un síwájú nítorí ebè iṣu á padà wá bá àgbàdo rẹ̀ lábẹ́ òjìji, pàápàá àwọn ìlà méjì tó sún mọ́ igi, tí wọ́n á kúrú, tí wọ́n á sì pọ́n. Àmì tí olóko gbọ́dọ̀ máa wò nìyẹn. Bí ìlà àárín poro bá dúdú mìnìjọ̀ tí ìlà ẹ̀gbẹ́ igi sì pọ́n, ebi kọ́ ló ń pa ilẹ̀. Igi ló ń bá àgbàdo jà. Bí gbogbo poro bá pọ́n bákan náà, a jẹ́ pé ewé kò tó, tàbí ilẹ̀ kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bí lùsínà bá sì ti ráyè so èso tó jábọ́, ọdún mélòó kan ni olóko á fi máa tu ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń tu koríko.

Ilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbin igi ti sọ ohun kan nípa ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, àmọ́ bó bá gbin ohun tó máa pẹ́, onílẹ̀ á béèrè ohun tó ń wá. Kò sí bí onímọ̀ ṣe lè ṣàlàyé fún onílẹ̀ pé igi tó tó 10,000 kì í ṣe igi. Àjèjì àti ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń dáko lórí ilẹ̀ tí wọ́n yá kò lè dá a láṣà láìgba àṣẹ. Àwọn tí ilẹ̀ wọn kéré jù, tí ilẹ̀ wọn sì ti ṣá jù, tí ewé náà ì bá wúlò fún jù, ni ọ̀nà sé mọ́.

Ní ọdún 1995, Pedro Sanchez, tó ń darí ilé ìwádìí àgbáyé lórí igi oko ní Nàìróbì, kọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé oko oníporo kò bá gbogbo ibi mu. Ibi tí òjò ti pọ̀ tó, tí ilẹ̀ kò kan jù, tí òkè wà tí ọ̀gbàrá ń gbá, tí ilẹ̀ wọ́n tí òṣìṣẹ́ kò wọ́n, tí olóko sì dá ilẹ̀ rẹ̀ lójú, níbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí òjò kéré, omi ni igi àti àgbàdo ń jìjà dù. Ibi tí ilẹ̀ bá kan jù, bíi ti àwọn apá kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, lùsínà kì í ṣe dáadáa rárá.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó gbìyànjú rẹ̀ ti hú igi wọn. Èyí tó yẹ kí a gbọ́ ju ìyẹn lọ ni ohun tí àwọn tó kù ṣe sí i. Wọn kò tẹ̀lé ìwé. Wọ́n dín iye gígé kù, wọ́n dá oko fún ọdún mélòó kan láàrin ìlà igi, wọ́n sì jẹ́ kí igi náà hù fàlàlà fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó padà. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìsinmi ilẹ̀ àwọn baba wọn ni wọ́n dá padà, ṣùgbọ́n èyí tí igi rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò nílò ọdún mẹ́wàá. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, àwọn àgbẹ̀ yẹn lóye ọ̀rọ̀ náà ju àwọn tó mú un wá fún wọn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lọ́dún yìí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú héktà kan. Kí ó gbin ìlà agúnmániyè mẹ́ta péré, tí mítà mẹ́rin wà láàrin wọn, sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá jù, kí ó sì fi okùn ya àyè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ láìgbin igi sí i. Ní ọdún kejì, kí ó kọ iye wákàtí tó fi gé ìlà náà sílẹ̀, kí ó wọn àgbàdo àyè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì ka ìlà tí igi gbà mọ́ ọn.